Ohun tí pámù ń yí padà, àti ohun tí kò lè yí padà nínú lótò 5/90

*“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ lótò 5/90. Pámù 2 ni mo máa ń kọ: mo ń mú nọ́ńbà mẹ́wàá, mo ń so gbogbo wọn pọ̀ ní méjì-méjì, àsopọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan, ₦10 lórí ìlà kan. Ẹnìkan wá ń ta ètò kan fún wa báyìí ní ₦5,000. Ó ní ká mú nọ́ńbà méje, ká kọ ọ́ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìlà méje péré dípò ìlà 35, pé jíjẹ dájú. Ṣé lóòótọ́ ni pámù ń jẹ́ kí èèyàn tètè jẹ? Ṣé kí n ra ètò yìí, àbí kí n dúró sórí tèmi?”*

Àbúrò mi, má ra ètò náà. Iye tí náírà kan ń mú bọ̀ lórí ìlà kan kò yí padà, ì báà ṣe ìlà kan ṣoṣo lo kọ, ì báà ṣe pámù lo fi kó ogójì ìlà jọ. Ohun tí pámù ń yí padà ni bí jíjẹ ṣe ń dé bá ọ: ó lè kó wọn jọ sójú kan, ó sì lè tú wọn ká. Èèyàn púpọ̀ ń fi ọ̀kan pe èkejì, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ta ètò ti ń rí owó gbà. Gbogbo ìṣirò tí mo máa ṣe nísàlẹ̀ yìí, ìwọ náà lè fi bírò àti ìwé tún un ṣe lórí tábìlì tí o fi ń gé aṣọ.

Orí ìlà kan ṣoṣo ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí a kò bá mọ iye tí ìlà kan tó, a ò lè mọ iye tí pámù tó. Nọ́ńbà 90 ló wà nínú àpótí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè bá 89 yòókù so pọ̀. 90 lọ́nà 89 jẹ́ 8,010. Ṣùgbọ́n 17-61 àti 61-17, ìlà kan náà ni, nítorí náà a ó pín in sí méjì, yóò ku 4,005. Iye ìlà oní-méjì tó wà láyé lótò 5/90 nìyẹn. Bọ́ọ̀lù márùn-ún ló ń jáde nínú géèmù kan, márùn-ún yìí sì ń bí ìlà oní-méjì mẹ́wàá láàárín ara wọn. Ìlà mẹ́wàá nínú 4,005 ló ń jẹ, ìyẹn ẹyọ kan nínú bíi 400.

Ilé lótò ń san ìlọ́po 240 fún méjì. Wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kíóòsì tí o ti ń kọ. Bí iye tiwọn bá yàtọ̀, fi tiwọn rọ́pò 240 mi, kí o tún ìṣirò náà ṣe. Bí o bá fi ₦10 kọ ìlà kan ní géèmù 400, o ti ná ₦4,000. Jíjẹ kan ni o lè retí nínú wọn, ₦2,400 sì ni yóò mú wá. Ìyẹn ni pé náírà kan tí o bá fi síbẹ̀ ń padà wálé ní ìwọ̀n 60 kọ́bọ̀, bí a bá pín in dọ́gba. Mú 60 kọ́bọ̀ yìí dání, nítorí pé kò sí pámù 2 kankan tí yóò sọ ọ́ di 61.

Ó yá, ká wo pámù tìrẹ. Nọ́ńbà mẹ́wàá ní méjì-méjì jẹ́ ìlà 45, nítorí náà ₦450 ni o ń san ní géèmù kan. Ká ní nọ́ńbà rẹ ni 4, 11, 17, 23, 38, 42, 56, 61, 77 àti 85. Bí ilé lótò bá yọ 3, 17, 42, 61 àti 88, mẹ́ta nínú tìrẹ ti jáde. Ìlà mẹ́ta ló jẹ nígbà náà: 17-42, 17-61 àti 42-61. ₦7,200 wọlé. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò máa ń gbọ́, tí àwọn tó jókòó síwájú kíóòsì yóò máa sọ pé pámù ni ìdáàbòbò. Lóòótọ́ lo jẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó lè fi ìlà kan ṣoṣo ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká ka àwọn ọjọ́ yòókù náà.

Nínú géèmù 1,000, bí nọ́ńbà mẹ́wàá ṣe ń ṣe nìyí, bí a bá pín in dọ́gba. Ní nǹkan bíi 547, kò sí ẹyọ kan nínú nọ́ńbà rẹ tó máa jáde. Ní bíi 360, ẹyọ kan péré ló máa jáde, ẹyọ kan kò sì jẹ nǹkan kan nínú pámù 2. Ní bíi 84, méjì gan-an ló máa jáde, ìlà kan jẹ, ₦2,400. Ní bíi 9, mẹ́ta ló máa jáde. Mẹ́rin jáde kì í tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000, márùn-ún kò sì yẹ kí á máa kà á mọ́ ètò. Nítorí náà, géèmù 907 nínú 1,000 ni ₦450 rẹ lọ láìmú kọ́bọ̀ kan bọ̀. O fi ₦450,000 sílẹ̀, bíi ₦270,000 sì ni ó padà. Pín ọ̀kan sí èkejì: 60 kọ́bọ̀ náà ni.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní ìlà kan kì í jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 400, tìrẹ sì ń jẹ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi 11, pé ṣé ìyẹn kì í ṣe àǹfààní ni? Àǹfààní ni, ṣùgbọ́n o ti rà á. Ìlà 45 lo san owó rẹ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni èyí: bí mo bá ní ₦450, tí mo sì fẹ́ kọ ìlà 45, ṣé pámù ló máa jẹ́ kí n jẹ lọ́pọ̀ ìgbà jù? Ibí yìí ló máa ń ya àwọn tó ti ń kọ lótò láti ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu.

Kọ ìlà 45 mìíràn sórí ìwé. Má ṣe lo nọ́ńbà kankan lẹ́ẹ̀mejì: 1-2, 3-4, 5-6, títí dé 89-90. Gbogbo nọ́ńbà 90 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìlà kan ṣoṣo. Owó kan náà ni, ₦450. Nínú géèmù 1,000, àwọn ìlà tí a tú ká báyìí máa ń mú nǹkan bọ̀ ní bíi 110. Pámù tìrẹ, bíi 93 ni. Ìlà tí kò ní ètò kankan nínú, tí ọmọ ilé ìwé lè kọ láìronú, ń jẹ lọ́pọ̀ ìgbà ju pámù lọ!

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nínú pámù, nọ́ńbà mẹ́wàá náà ló ń tún ara wọn kọ. 17 rẹ wà nínú ìlà mẹ́sàn-án. Bí ó bá dára, ó dára fún ọ̀pọ̀ ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ₦7,200 ọjọ́ kan yẹn. Bí 17 kò bá jáde, ìlà mẹ́sàn-án ló kú pa pọ̀. Àwọn ìlà tó tú ká kò lè jẹ ju méjì lọ ní géèmù kan, nítorí pé bọ́ọ̀lù márùn-ún kò lè kún ju ìlà méjì lọ níbẹ̀. Nítorí náà, èkíní ń jẹ díẹ̀, ó ń tóbi. Èkejì ń jẹ púpọ̀, ó ń kéré. Bí o bá ṣírò owó tó wọlé lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ní géèmù tó pọ̀, iye kan náà ni. Iṣẹ́ tí pámù ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó owó díẹ̀ jọ dé ọjọ́ ńlá kan lè fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pè é ní èrè.

Jíjẹ tó ń kó jọ yìí ní ìrora tirẹ̀ náà. Ẹni tó ń jẹ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi 11 lè rò pé kò ní kọjá géèmù 11 kí ó tó jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó bá ń kọ pámù bíi tìrẹ, èèyàn kan nínú bíi méje ni yóò kọ géèmù 20 léra wọn láìjẹ kọ́bọ̀. ₦9,000 ti lọ nìyẹn. Àsìkò yẹn gan-an ni èèyàn máa ń sọ ₦10 ìlà di ₦50, pé kí gbogbo rẹ̀ lè padà lẹ́ẹ̀kan. Géèmù kọkànlélógún kò mọ̀ pé ogún ti kọjá. Bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló rí, àmọ́ iye tó ń bá a lọ ti di ₦2,250.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ètò ₦5,000 yìí, nítorí pé òun ló ń dùn mí jù. Mo mọ irú rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí tó sì fi léwu nìyẹn. Ká ní nọ́ńbà méje rẹ ni 5, 12, 29, 34, 48, 63 àti 81. Pámù 3 tó pé fún méje jẹ́ ìlà 35, ₦350 nìyẹn. Ohun tí ẹni náà ń tà ni pé kí o gé e kúrú sí ìlà méje, ₦70 péré:

5-12-34
12-29-48
29-34-63
34-48-81
5-48-63
12-63-81
5-29-81

Wò ó dáadáa. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà nínú ìlà mẹ́ta. Mú nọ́ńbà méjì èyíkéyìí, wàá rí i pé ìlà kan ni wọ́n ti pàdé, wọn kò sì pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ni. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti mọ̀ ọ́n, orúkọ ọmọ Ítálì kan, Fano, ni wọ́n sì fi ń pè é. Mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí pé ó rẹwà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gba ₦5,000 lọ́wọ́ rẹ nítorí rẹ̀, o ti rí i lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí.

Kí ni “jíjẹ dájú” tó ń sọ? Ìlérí ètò yìí ni pé bí márùn-ún tó jáde bá wà nínú méje rẹ pátá, ìlà méjì ni yóò jẹ, kì í yẹ̀. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Dán an wò: yọ méjì èyíkéyìí kúrò nínú méje náà, wàá rí ìlà méjì tó kù láìfarapa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń bẹ nínú “bí.” Ìgbà mélòó ni bọ́ọ̀lù márùn-ún máa ń bọ́ sínú nọ́ńbà méje ẹnìkan? Ẹ̀ẹ̀kan nínú géèmù bíi 2,092,822. Bí o bá ń kọ géèmù kan lójúmọ́ láìsinmi, ọdún tó lé ní 5,700 nìyẹn.

Bí márùn-ún kò bá pé, ìlérí náà ti tú. Ká ní mẹ́rin nínú méje rẹ jáde: 29, 48, 63 àti 81. Mẹ́rin! Ẹni tó bá ní irú oríire bẹ́ẹ̀ yóò sáré lọ sí kíóòsì. Wá wo ìlà méje náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìlà kan tí mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn ti wà pa pọ̀. 29-34-63 ní 34 nínú. 34-48-81 ní 34 nínú. 5-48-63 ní 5 nínú. Gbogbo wọn ló ṣubú. Pámù tó pé, ìlà 35 yẹn, ìbá ti fún un ní ìlà mẹ́rin, ₦84,000 ní iye tí wọ́n ń san fún mẹ́ta. Ètò tí a gé kúrú fún un ní òdo. Bí mẹ́ta péré bá jáde, ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ni wọ́n máa ń wà nínú ìlà kan. Ìdá márùn-ún owó lo san, ìdá márùn-ún jíjẹ lo rà. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀.

Ohun tó tún burú jù ni pé ó ti gbé ọ kúrò lórí méjì lọ sórí mẹ́ta. Iye ìlà oní-mẹ́ta láàárín 90 jẹ́ 117,480, mẹ́wàá nínú wọn ló ń jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 11,748 nìyẹn. Ìlọ́po 2,100 ni wọ́n ń san. Pín in, wàá rí i pé náírà kan ń padà ní bíi 18 kọ́bọ̀. Lórí méjì, 60 kọ́bọ̀ ni. Ní Ítálì, níbi tí lótò oní-nọ́ńbà 90 yìí ti ṣẹ̀, ní ìlú Jénóà, 4,500 ni wọ́n ń san fún mẹ́ta, 250 fún méjì. Bí a bá ń lọ sókè sí mẹ́rin àti márùn-ún lọ́dọ̀ tiwa, ó tún ń burú sí i: ìlọ́po 44,000 fún márùn-ún dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi mílíọ̀nù 44 ni. Ètò ₦70 yẹn máa ń jẹ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú géèmù bíi 1,680. Nítorí pé owó rẹ̀ kéré, kì í tètè dun èèyàn, òun náà sì ni wọ́n fi ń tà á.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì ní Yunifásítì Manchester, David Stewart àti David Cushing, fi irú ètò yìí ṣe ohun tó dára ní 2023. Lótò orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mẹ́fà nínú 59. Wọ́n fi hàn pé tíkẹ́ẹ̀tì 27 ti tó kí ọ̀kan nínú wọn ó ní nọ́ńbà méjì tó bá a mu, láìsí “bí” kankan, ohun yòówù kó jáde. 26 kò sì tó. Ìmọ̀ Fano yìí kan náà wà lára ohun tí wọ́n lò. Wọ́n ra 27 náà lóòótọ́, £54. Mẹ́ta nínú rẹ̀ bá méjì-méjì mu, èrè tí wọ́n sì rí ni tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ mẹ́ta, tí kò mú nǹkan kan wá. Àwọn fúnra wọn sọ fún aráyé pé ètò náà kì í sọni di olówó. Èyí ni ètò tó dájú jù lọ tí mo mọ̀, ìdánilójú rẹ̀ sì pé pérépéré.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé ètò wá bá ẹ nínú ọjà Ìkẹ́rẹ́, ohun méjì ni kí o bi í. Ìlà mélòó ni? Kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ìdánilójú rẹ tó mú? Bí ó bá dá ọ lóhùn sí èkejì pé “bí nọ́ńbà rẹ bá jáde,” bi í pé mélòó nínú wọn, kí o sì jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìsọdipúpọ̀ ni: iye ìlà lọ́nà owó ìlà lọ́nà 60 kọ́bọ̀ bí ó bá jẹ́ méjì, lọ́nà 18 kọ́bọ̀ bí ó bá jẹ́ mẹ́ta. Ohun tó kù nínú owó rẹ ni iye tí eré yẹn ń ná ọ. Tún máa wo tíkẹ́ẹ̀tì kí o tó kúrò ní kíóòsì, nítorí pé àwọn kan máa ń rò pé ₦10 ni gbogbo owó, tí ẹ̀rọ sì ti kà á sí ₦10 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ní tìrẹ, ₦450 lórí pámù 2 ń ná ọ ní bíi ₦180 ní géèmù kọ̀ọ̀kan, bí a bá pín in dọ́gba. Bí o bá ń kọ ọ́ ní ọjọ́ 26 lóṣù, ₦4,680 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ owó ìgbádùn tí o lè fi sílẹ̀ láìṣe pé owó òwú tàbí owó ilé ìwé ọmọ lo fọwọ́ kàn, ìwọ lo ni ín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dín ìlà kù. Nọ́ńbà márùn-ún ní pámù 2 jẹ́ ìlà mẹ́wàá, ₦100, 60 kọ́bọ̀ náà ni yóò sì máa padà lórí náírà kan. Kò sí ohun tí o pàdánù ju pé ìlà rẹ kéré.

Kí o tó ná kọ́bọ̀ mìíràn, gba èsì 100 géèmù tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ lótò fún ẹ. Wọ́n máa ń tò ó sínú ìwé. Mú nọ́ńbà mẹ́wàá rẹ, àwọn ìlà 1-2 dé 89-90, àti ìlà méje Fano òkè yẹn, kí o fi wọ́n yẹ èsì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa fàlà sí ibi tí wọ́n bá ti jẹ. Tìrẹ lè jẹ mẹ́fà, ó lè jẹ méjìlá, kì í sábà jìn sí mẹ́sàn-án. Lábẹ́ ìlà méje náà, mo rò pé òfìfo ni ìwé yóò wà. Fi ìwé náà han ẹni tó ń ta ètò yẹn kí ó tó gba ₦5,000 lọ́wọ́ àwọn yòókù ní ṣọ́ọ̀bù yín.